Ọkùnrin Tí A Ní Kí Wọ́n Yọ Nínú Fọ́tò

Àwọn àgbà ní bí ojú bá ti mojú tán, alárenà á yẹ̀bá. Ẹ má gbà wọ́n gbọ́. Èmi Súmbọ̀ ni mo ṣe alárenà fún Kúnbi àti Muideen, mo sì ti fẹ́ yẹ̀bá látọjọ́ yìí. Ọ̀rọ̀ tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ìgbéyàwó wọn ni kò jẹ́ kí n rí ọ̀nà.

Télọ̀ ni mí, ní Ìkòsí. Ọdún 2005 ni Kúnbi Ṣóbọ̀wálé wá gba búláòsì lọ́wọ́ mi. Tíṣà ni, ó ń kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké ní Kétu. Mo ní kó jókòó, bọ́tìnnì ló kù. Irọ́ àwa télọ̀ náà ni, mi ò tíì gé aṣọ ọ̀hún rárá. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì mi tí ìṣó ti yọrí lára ẹ̀. Ibẹ̀ ló wà tí Muideen Àyàntúndé fi wọlé, ọmọ Ìsẹ́yìn kan tó ń ṣe àga onífóòmù ní Ògùdù. Ó wá yá abẹ́rẹ́ ńlá. Ó wo Kúnbi, ó wo bẹ́ǹṣì.

“Aunty Súmbọ̀, ṣé orí ìṣó lẹ máa ń fi oníbàárà jókòó sí?”

“Bó bá ń dùn ọ́, lọ gbé àga wá.”

Mo fi ṣe yẹ̀yẹ́ ni o. Lọ́jọ́ kejì ó gbé tìmùtìmù dé, ó gùn tó bẹ́ǹṣì náà gẹ́lẹ́. Mo dúpẹ́ títí, mo rò pé èmi ló ṣe é fún. Ìgbà tó ní, “Aunty, ẹni àná yẹn, ìgbà wo ni aṣọ ẹ̀ máa jáde?” ni mo tó mọ̀ pé ìdí ẹlòmíì ni tìmùtìmù wà fún. Mo bá sọ fún Kúnbi pé bọ́tìnnì ṣì kù. Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún un léraléra, títí òun fúnra ẹ̀ fi rẹ́rìn-ín, tó ní, “Aunty, ẹ kúkú sọ fún un pé kó wá bá mi sọ ọ́.”

Bí ìfẹ́ wọn ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Muideen kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, Kúnbi náà kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Wọ́n á jókòó ní ṣọ́ọ̀bù mi bí ẹni tó ń dúró de dókítà, ṣùgbọ́n bí ọ̀kan bá dìde, èkejì á wojú ilẹ̀kùn títí.

Ó kan bàbá. Daddy Ṣóbọ̀wálé ń ta sìmẹ́ńtì ní Alápẹ̀rẹ̀, Ìjẹ̀bú pọ́ńbélé, ọmọ ìjọ tí kì í pa Sunday jẹ. Ìyàwó wọn ti kú nígbà tí Kúnbi ṣì wà ní prámárì, wọn ò sì fẹ́ ẹlòmíì. Gbogbo ohun tí wọ́n ní láyé kò ju Kúnbi yìí lọ. Èmi náà ni mo lọ bá wọn, mo kúnlẹ̀.

“Súmbọ̀, ṣé ọmọ dáadáa ni?”

“Ọmọ dáadáa ni sà.”

“Ṣọ́ọ̀ṣì wo ló ń lọ?”

“Daddy, ọjọ́ Friday ló máa ń lọ tiẹ̀.”

Wọ́n rẹ́rìn-ín díẹ̀, wọ́n wá ní kí n dìde. “Mi ò bínú sí ẹ̀sìn ẹnikẹ́ni. Àwọn tó ń já sìmẹ́ńtì fún mi, ta ni kì í ṣe Mùsùlùmí nínú wọn? Ṣùgbọ́n ìyá Kúnbi di ọwọ́ mi mú lórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù. Ó ní kí n mú ọmọ òun rin àárín ṣọ́ọ̀ṣì lọ bá ọkọ ẹ̀. Mo ní mo gbọ́. Ìgbà tí mo bá pàdé ẹ̀, kí ni kí n wí?”

Mo lọ bá ti Ìsẹ́yìn náà. Màmá Muideen ní bí ọmọ òun bá lè dúró níwájú pẹpẹ, kó má pe òun ní ìyá mọ́. Èmi tí mo wà láàárín, ọdún kan àti ààbọ̀ ni mo fi ń rìn síbí rìn sọ́hùn-ún, bàtà mi jẹ. Nígbà tó yá àwọn ọmọ náà ní kóòtù làwọn máa lọ, kó má bàa jẹ́ ti ẹnì kankan.

Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí Kúnbi sọ ọ́ fún bàbá ẹ̀. Daddy ò pariwo. Wọ́n ní, “Ẹ ṣe é. Mi ò ní dí yín lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n mo fi orí ìyá ẹ búra, ẹsẹ̀ mi ò ní tẹ ibẹ̀.” Kúnbi kó ẹrù wá sọ́dọ̀ mi lọ́sẹ̀ yẹn.

Oṣù Kẹjọ ọdún 2007 ni wọ́n so wọ́n pọ̀, ní kóòtù. Ẹ mọ bí ibẹ̀ ṣe máa ń rí: ìyàwó kan ń jáde, òmíì ń wọlé, ẹbí yìí ń ya fọ́tò, ẹbí tọ̀hún ń tì wọ́n kí àwọn náà lè ráyè. Ẹbí ti Muideen kún ọkọ̀ méjì. Ní ẹ̀gbẹ́ ti Kúnbi, èmi nìyí, àwọn tíṣà ẹgbẹ́ ẹ̀ nìyẹn, ó tán.

“Aunty, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún bá mi wo géètì.”

“Mo ti wò ó.”

“Ẹ tún un wò. Bóyá wọ́n dúró síta.”

Mo tún un wò. Mi ò rí Daddy. Kúnbi ní, “Ṣé mo ti ṣe àṣìṣe, Aunty? Ẹni tí bàbá ẹ̀ ò sí níbẹ̀, ṣé ó ti lọ́kọ lóòótọ́?” Mo ní kó jẹ́ kí n tún ìbòrí ẹ̀ ṣe. Kí ni mo fẹ́ sọ?

Ọ̀gá Ládé Adékọ̀yà ló ya fọ́tò. Sítúdíò ẹ̀ ò jìnnà sí ibùdókọ̀ Kétu, ó sì ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lórí fíìmù bọ́ sórí kámẹ́rà tí wọ́n ń so mọ́ kọ̀ǹpútà, kò jẹ́ ká gbádùn pẹ̀lú ẹ̀. Ó gbé kámẹ́rà sórí irin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta lókè àtẹ̀gùn, ó ní kí ẹbí ìyàwó tò sí iwájú ògiri búlọ́ọ̀kù oníhò tó wà ní ìsàlẹ̀. A tò. Ó ń tẹ̀ ẹ́, ó ń tún un tẹ̀, ó lọ bẹ́ẹ̀ títí.

Ó pẹ́ lẹ́yìn náà kí Ọ̀gá Ládé tó fi àwọn fọ́tò náà hàn wá, wọ́n kéré bí èékánná, gbogbo ẹ̀ wà lórí bébà kan ṣoṣo tí láàbù tẹ̀, ká lè mú èyí tí a fẹ́. Kúnbi fọwọ́ sí ọ̀kan.

“Muideen, ta ni bàbá yìí?”

Muideen tẹjú mọ́ ọn. “Wọ́n fọwọ́ kàn mí léjìká nígbà tí a ń ya fọ́tò. Mo tiẹ̀ tẹrí ba. Ṣebí ẹbí yín ni?”

“Èmi rò pé ẹbí yín ni.”

A rẹ́rìn-ín. Àlejò gbáà ni, ọkùnrin kan tó wọ agbádá, tó dúró sẹ́yìn ọ̀tún Kúnbi, tí gbogbo fọ́tò ẹbí ìyàwó sì gbé e. A ní yóò jẹ́ ti ìyàwó míì, tó ṣìnà láàárín èrò. Ó máa ń ṣẹlẹ̀ ní kóòtù. Ṣùgbọ́n ẹ̀rín Kúnbi ò pẹ́. Ètò kan wà lọ́kàn ẹ̀. Ó fẹ́ mú ọ̀kan nínú àwọn fọ́tò yìí, kó tẹ̀ ẹ́ tóbi, kó ṣe férémù sí i, kí òun àti ọkọ ẹ̀ gbé e lọ dọ̀bálẹ̀ fún bàbá ẹ̀. Omíyalé ní Kétu ti gbé gbogbo fọ́tò ìgbéyàwó Daddy lọ nígbà kan, Kúnbi sì mọ̀ pé wọ́n fẹ́ràn fọ́tò.

“Aunty, ẹ wo ibi tí bàbá yìí dúró sí. Ibi tí Daddy ì bá dúró ni. Bí Daddy bá rí i, wọ́n á ní mo lọ háyà bàbá.”

Ẹ ò lè sọ pé ọ̀rọ̀ yẹn ò nítumọ̀. Ní ilẹ̀ wa, bí bàbá ò bá wá, wọ́n á fa àgbàlagbà kan dìde kó dúró fún un. Daddy Ṣóbọ̀wálé á gbà pé wọ́n ti fi ẹlòmíì rọ́pò àwọn láàyè àwọn.

Ọ̀gá Ládé kì í gba iṣẹ́ yíyọ ènìyàn láìsí ìwé. Ìyàwó ilé kan ti ní kó yọ ìyá ọkọ òun rí, nígbà tí ìjà dé ó ní òun ò sọ bẹ́ẹ̀. Kúnbi bá kọ lẹ́tà, ó kà á sí mi létí kó tó lẹ̀ ẹ́, èmi ni mo sì mú un lọ:

“Ọ̀gá Ládé wa ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú làálàá ọjọ́ ìgbéyàwó wa. Àwọn fọ́tò náà wù wá gan-an, Ọlọ́run á túbọ̀ máa ràn yín lọ́wọ́.

Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ má bínú, ohun kan ni mo fẹ́ tọrọ. Nínú fọ́tò ẹbí ìyàwó, bàbá kan wà lẹ́yìn mi lápá ọ̀tún, tó wọ agbádá. A ò mọ̀ wọ́n rí. Mi ò fẹ́ tàbùkù wọn, ó ṣeé ṣe kí wọ́n jẹ́ bàbá ẹlòmíì, kí ẹni náà sì máa wá wọn nínú fọ́tò tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹnì kan wà tí mo fẹ́ fún ní fọ́tò yìí, mi ò sì fẹ́ kó rí ẹnikẹ́ni níbẹ̀ yẹn. Bí ó bá ṣeé ṣe, ẹ bá mi yọ wọ́n, kí àyè náà ṣófo. Ẹ má ṣe fi ẹlòmíì síbẹ̀.

Bí iṣẹ́ náà bá pọ̀, ẹ jẹ́ kí n gbọ́. Mo dúpẹ́ púpọ̀ sà.

Èmi ni, Kúnbi Àyàntúndé, ìyàwó.”

Ọ̀gá Ládé kà á, ó kà á lẹ́ẹ̀kejì. “Ẹ wo ọmọ tí wọ́n kọ́. Àwọn míì á kàn pè mí lórí fóònù pé kí n yọ wèrè yẹn kúrò.” Ó fún mi ní àga, ó ní kí n máa wò ó.

Mo rò pé wọ́n kàn ń tẹ nǹkan kan ni, ènìyàn á sì pòórá. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ó kọ́kọ́ da gbogbo ojúlówó fọ́tò náà kọ sórí CD, ó ní òun kì í fọwọ́ kan ojúlówó, ẹ̀dà ni òun ń ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀. Ó wá ní, “Aunty, bí mo bá yọ ènìyàn, ihò ló máa kù. Kí ni mo fẹ́ fi dí ihò?” Ó wá fọ́tò míì jáde, èyí tó yà nígbà tí a ti ń tú ká, tí ibẹ̀ ti ṣófo. Nítorí pé kámẹ́rà wà lójú kan lórí ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, ògiri inú méjèèjì bára mu. Ó gbé ògiri òfìfo yẹn sábẹ́ fọ́tò wa, bí ìgbà tí a fi aṣọ sábẹ́ aṣọ, ó wá ń fi búrọ́ọ̀ṣì kọ̀ǹpútà pa ọkùnrin náà rẹ́ díẹ̀díẹ̀ lókè, ògiri ìsàlẹ̀ sì ń yọ jáde. Ṣùgbọ́n kùrukùru ti bo oòrùn nígbà tó ya ìkejì, ògiri ẹ̀ dúdú ju ti àkọ́kọ́ lọ, ó ní láti jẹ́ kó túbọ̀ mọ́lẹ̀ kó tó dọ́gba. Àwọn ihò búlọ́ọ̀kù náà gbọ́dọ̀ tò bó ṣe yẹ. Ibi tí apá agbádá ti bo èjìká èmi fúnra mi, ó lọ yọ èjìká mi nínú fọ́tò míì wá lẹ̀ mọ́ mi.

Ìbòrí Kúnbi ló dà á láàmú jù. Nẹ́ẹ̀tì ni, ó ń fi ẹ̀yìn hàn. Àwọ̀ agbádá ọkùnrin náà ti gba inú ihò nẹ́ẹ̀tì yọ, bí o bá yọ ọ́ tí o ò bá tọ́jú ibẹ̀, yóò dà bíi pé ìbòrí ìyàwó dọ̀tí. Ó fa fọ́tò náà tóbi títí ojú nẹ́ẹ̀tì fi ń hàn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń tún wọn ṣe. Nẹ́pà mú iná lọ, bátìrì kọ̀ǹpútà ń ké, ó sáré lọ fa jẹnẹrétọ̀.

Nígbà tó fà á tóbi yẹn ni mo rí ọrùn agbádá náà. Sányán àtijọ́ ni, wọ́n sì fi ọwọ́ ṣiṣẹ́ sí ọrùn ẹ̀: ẹyẹlé méjì tó kọjú síra wọn. Ojú ọ̀kan ò parí, bíi pé òwú tán.

“Iṣẹ́ ọwọ́ rèé o,” mo ní. “Wọn kì í ṣe irú èyí mọ́.”

“Ó ṣe mí láàánú láti pa á rẹ́,” ni Ọ̀gá Ládé wí, ó sì pa á rẹ́.

Nígbà tí a rò pé ó ti tán, ìka ọwọ́ ṣì wà léjìká Muideen, ọwọ́ tí kò ní ara. Ó yọ ọ́. Ó yọ òjìji tó kù nílẹ̀. Ó tẹ kékeré kan wò ní láàbù kó lè mọ̀ bóyá àwọ̀ bára mu, kó tó tẹ ńlá. Bí wọ́n bá fi tọ́ọ̀ṣì wá ọkùnrin yẹn, wọn ò ní rí i.

Àwa mẹ́ta la gbé férémù lọ sí Alápẹ̀rẹ̀, lọ́sàn-án Sunday lẹ́yìn ìsìn. Muideen dọ̀bálẹ̀ gbalaja, Kúnbi kúnlẹ̀. Daddy ò ní kí wọ́n dìde, wọn ò sì ní kí wọ́n máa lọ. Wọ́n tú bébà kúrò lára férémù, wọ́n wọ awò ojú. Mo rí i pé ọwọ́ wọn ń yá, bíi ti ọmọdé tí wọ́n ra nǹkan fún. Inú mi dùn. Mo ní ọ̀rọ̀ ti tán.

Wọ́n wo fọ́tò náà. Wọ́n gbé e súnmọ́ ojú. Wọ́n wá fi ìka sí ẹ̀yìn Kúnbi lápá ọ̀tún.

“Ta ló dúró síbí?”

Mo rí ẹ̀rù lójú ọmọ náà. Ó wò mí, ó wo bàbá ẹ̀.

“Kò sẹ́ni tó dúró síbẹ̀, Daddy.”

“Kò sẹ́nì kankan?”

“Rárá sà. Àyè yín ni. A ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dúró síbẹ̀, a fi í sílẹ̀ fún yín.”

Daddy bọ́ awò ojú. Wọ́n fi bébà náà wé férémù padà, wọ́n fara balẹ̀ wé e, wọ́n gbé e lé Kúnbi lọ́wọ́.

“Ẹ ṣeun. Ẹ máa gbé e lọ.”

“Daddy, kí ni mo ṣe?”

“Ẹ máa lọ.”

Kúnbi sunkún dé ìdí ọkọ̀. Muideen gbé férémù náà tẹ̀ lé e. Mo padà lọ nìkan lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan. Mo bẹ̀bẹ̀, mo fi ìyá Kúnbi tó wà lọ́run bẹ̀ wọ́n. Daddy ní, “Súmbọ̀, mo ti ṣe tèmi. Ó rí i, kò fẹ́. Má jẹ́ kí wọ́n tún rán ọ wá.” Mo rò pé wàhálà ọmọ títọ́ ni wọ́n ń wí. Mo bínú sí wọn. Mo sọ nínú ọkọ̀ pé Ìjẹ̀bú yìí le lọ́kàn jù.

Kúnbi ṣì ń lọ. Á ṣe ọbẹ̀, á gbé e fún ọmọ ṣọ́ọ̀bù wọn, á padà. Abọ́ a máa padà wá ní fífọ̀. Kò sí ọ̀rọ̀ kankan nínú ẹ̀. Lálẹ́ ó máa ń bi Muideen pé, “Ṣé ẹ rò pé wọ́n á dárí jì mí?” Muideen á ní wọ́n á dárí jì í. Òun fúnra ẹ̀ wá sọ fún mi ní ṣọ́ọ̀bù pé, “Aunty, nígbà míì mo máa ń rò ó pé ǹ bá ti gba abẹ́rẹ́ lọ́jọ́ yẹn kí n sì máa lọ.”

Ní oṣù Kẹrin ọdún tó tẹ̀ lé e, Daddy Ṣóbọ̀wálé ṣubú lulẹ̀ ní ìdí sìmẹ́ńtì. Wọn ò dé ọsibítù.

Mi ò ní sọ bí Kúnbi ṣe gbọ́ ọ. Lọ́jọ́ ìsìnkú, èmi àti Muideen la dì í mú lọ síbi tí wọ́n tẹ́ Daddy sí ní pálọ̀. Àwọn ìyá ìjọ ti wọ aṣọ fún wọn. Mo wo ojú Daddy, mo wo ọrùn agbádá wọn.

Ẹyẹlé méjì. Ojú ọ̀kan ò parí.

Kúnbi náà ti rí i. Ó na ọwọ́, ó fi ìka kàn án. “Mummy mi ló ṣe àwọn ẹyẹ yìí,” ó ní, bí ẹni ń sọ̀rọ̀ lójú oorun. “Daddy ti sọ ìtàn ẹ̀ fún mi. Mummy ń ṣe é lọ́wọ́, òwú tán, ọjọ́ ìgbéyàwó sì ti dé. Inú àpótí irin ló máa ń wà. Mi ò fojú kàn án rí.”

Ẹ gbà mí o. Ta ni wọ́n bí tó lè dákẹ́ níbẹ̀? Ta ni wọ́n sì bí tó lè sọ ọ́? Mo fà á síta, lẹ́yìn ilé.

“Kúnbi, èmi ti fojú kàn án rí.”

“Níbo?”

“Lórí kọ̀ǹpútà Ọ̀gá Ládé. Ọrùn bàbá yẹn ló wà.”

Kò bi mí pé bàbá wo. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ pẹ̀lú aṣọ ọ̀fọ̀.

A sọ fún Muideen, òun ló wá ọkùnrin inú fọ́tò náà rí. Ó wà lọ́dọ̀ àwọn tó ń to àga níta, àgbàlagbà gíga, Bàbá Mọ́nsúrù, awakọ̀ tó ń kó sìmẹ́ńtì fún Daddy. Ẹ̀yìn ìgbà tí Kúnbi kó kúrò nílé ló bẹ̀rẹ̀ sí í bá wọn ṣe, ìdí nìyẹn tí a ò fi mọ̀ ọ́n. Ó rí Kúnbi, ó ṣí fìlà.

“Ìyàwó, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Òkè Ọya dé ni, mo gbọ́ ikú ọ̀gá mi. Ọlọ́run á tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere.”

“Bàbá, ta ló ní kí ẹ wá sí kóòtù?”

“Ta ni ì bá tún jẹ́? Wọ́n ní àwọn ti búra, ẹsẹ̀ àwọn ò lè tẹ ibẹ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n ní aṣọ àwọn ò búra. Wọ́n ṣí àpótí, wọ́n wọ̀ ọ́ sí mi lọ́rùn fúnra wọn. Mo ní kí n sọ fún ìyàwó pé àwọn ló rán mi. Wọ́n ní rárá, bó bá jẹ́ ọmọ àwọn ni, yóò mọ ẹyẹ ìyá ẹ̀. Wọ́n ní kí n dúró síbi tí bàbá ń dúró, kí n gbé ọwọ́ lé ọkọ ẹ̀, kí n sú ire tí wọ́n kọ́ mi.” Ó wò wá lọ́kọ̀ọ̀kan. “Ṣé ẹ ò gbọ́ ọ ni?”

A ò gbọ́ ọ. Ìyàwó mélòó ni wọ́n ń pariwo lé lórí lọ́jọ́ yẹn?

Kúnbi kúnlẹ̀ fún un nínú iyanrìn. “Ẹ tún un sọ, Bàbá.”

Bàbá Mọ́nsúrù bojú wẹ̀yìn, ojú tì í díẹ̀, ó wá na ọwọ́. “Wọ́n ní, ‘Olúwakúnbi, o ò ní fẹkún sùn nílé ọkọ. Ohun tí ìyá ẹ ò dúró jẹ, ìwọ á jẹ ẹ́ pẹ́. Jésù tó bá mi tọ́ ọ á bá ọ gbé.’ Wọ́n ní kí n pe orúkọ Jésù, mo sì pè é. Wọ́n wá ní kí n sọ fún ọkọ pé, ‘Muideen, mo fà á lé ọ lọ́wọ́. Bí inú bá ń bí ọ, kí o…’” Ó fọwọ́ pa iwájú orí. “Kí o kí ni? Ó kù, ó ṣì kù. Mo há a sórí dáadáa nígbà náà. Ẹ má bínú, ìyàwó, mo ti gbàgbé.”

“Ẹ rọra rò ó.”

Ó rò ó títí wọ́n fi wá pè wá pé wọ́n fẹ́ dé pósí. Kò rántí.

Lẹ́yìn ìsìnkú, a lọ bá Ọ̀gá Ládé. Ó ki CD bọ inú kọ̀ǹpútà, ojúlówó sì wà níbẹ̀, Bàbá Mọ́nsúrù nínú sányán, ọwọ́ léjìká Muideen. Nígbà tó gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀, ó di ẹnu mú. Ó ní òun máa tẹ̀ ẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́. Ó tún ní, “Mo lè ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ. Fọ́tò Daddy tí a fi ṣe póstà ìsìnkú wà níbí. Mo lè gbé orí wọn sórí ọrùn ọkùnrin yìí, kí n tún àwọ̀ ara ṣe. Ẹnikẹ́ni tó bá rí i á ní wọ́n wá.”

Muideen wo ìyàwó ẹ̀. Mo rò pé á gbà.

“Wọn ò wá, Ọ̀gá,” ni Kúnbi wí. “Ẹ má fi wọ́n sí ibi tí wọn ò wá. Ẹni tí wọ́n rán ni kí ẹ fi sílẹ̀. Mo ti yọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan.” Ó fa àga súnmọ́ kọ̀ǹpútà. “Fọ́tò mélòó lẹ yà níbẹ̀ yẹn?”

“Ó pọ̀ o. Mo tẹ̀ ẹ́ léraléra kó má bàa sí ẹni tó dijú.”

“Ẹ jẹ́ kí n rí gbogbo ẹ̀. Ẹ fa ẹnu bàbá yẹn tóbi.”

Ọ̀gá Ládé fà á tóbi. Ó ń ṣí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Nínú ọ̀kan ètè Bàbá Mọ́nsúrù là díẹ̀, nínú òmíì ó súnkì bí ẹni fẹ́ súfèé, nínú òmíì eyín ẹ̀ hàn. Ọ̀rọ̀ ló ń sọ lọ́wọ́ nínú gbogbo wọn. Kúnbi gbé ojú súnmọ́ ọn, ó ń fi ẹnu tirẹ̀ ṣe bí ti ọkùnrin náà ṣe rí, láìpariwo. “Kí o… kí o…” Muideen bẹ̀rẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ ẹ̀, òun náà ń wò ó. Wọ́n wo gbogbo ẹ̀ tán, wọn ò rí ọ̀rọ̀ tó kù mú níbẹ̀. Mo ní kí wọ́n dìde, ilẹ̀ ti ń ṣú.

“Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́ sà,” ni Kúnbi wí, “ẹ dá a padà sí ìbẹ̀rẹ̀.”